Rẹ́sídù rẹ tọ̀nà, ọrun lo gbàgbé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Mo fẹ́ ṣírò ìntígírà cos x/(x² + 1) láti −∞ dé ∞. Mo fi z rọ́pò x, mo fi ààbọ̀ òbìrìkítí pa ọ̀nà náà dé lápá òkè, mo mú rẹ́sídù níbi z = i, mo sì rí π cosh 1. Ẹ̀yìn ìwé ní π/e ni. Mo ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ibì kan náà ni mò ń já sí. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Ìdáhùn: Kó o tó tún ohunkóhun ṣe, wo ìdáhùn rẹ ná. π cosh 1 tó nǹkan bíi 4.85. Ṣùgbọ́n cos x kì í ju 1 lọ, nítorí náà ìntígírà rẹ kò lè ju ti 1/(x² + 1) lọ, ìyẹn sì jẹ́ π, 3.14 péré. 4.85 kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé. Èmi kì í ṣí ẹ̀yìn ìwé kí n tó ṣe irú àyẹ̀wò yìí, torí ìlà kan ni, ó sì máa ń tú àṣìṣe fó kí n tó wá a kiri.

Rẹ́sídù rẹ kò ní wàhálà rárá. Níbi z = i, cos z/(z² + 1) ní rẹ́sídù cos(i)/(2i), cos(i) sì jẹ́ cosh 1. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 2πi, π cosh 1 ló máa bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tó o fi tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta tí kò yí padà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé gbogbo ọ̀nà tó yípo náà ni iye yìí ń sọ nípa rẹ̀: ìlà tó tẹ́ láti −R dé R, pẹ̀lú apá tó tẹ̀ bí ọrun lókè. Ìlà títẹ́ nìkan lo fẹ́. O ti gbà lọ́kàn ara rẹ pé ọrun máa pòórá bí R bá ṣe ń tóbi, o ò sì wò ó bóyá lóòótọ́ ni.

Jẹ́ ká wò ó. Gun ọrun náà dé orí rẹ̀ pátá, níbi z = iR. Cos(iR) jẹ́ cosh R. Bí R bá jẹ́ 10, cosh 10 tó 11,013, apá ìsàlẹ̀ sì jẹ́ 99 tá ò bá ka àmì, nítorí náà fọ́ńṣọ̀n náà ti tó 111. Bí R bá di 20, ó ti lé ní 600,000. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Òfin tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ há sórí, pé bí agbára z nísàlẹ̀ bá fi 2 ju ti òkè lọ ọrun máa pòórá, òótọ́ ni nígbà tó bá jẹ́ pé agbára z lásán ló wà lókè àti nísàlẹ̀. Kò bá cos z ṣe, torí cos z máa ń gbèrú kíákíá bó o bá ti kúrò lórí ìlà títẹ́, ì báà jẹ́ lọ sókè tàbí sísàlẹ̀.

Ohun tá a ń ṣe ni pé a ò ní gbé cos z wọlé rárá. e^(iz) la máa lò, torí cos x ni apá gidi e^(ix). Bí z bá jẹ́ x + iy, ìwọ̀n e^(iz) jẹ́ e^(−y). Lókè, y kì í dín sí òdo, nítorí náà ìwọ̀n yẹn kì í ju 1 lọ níbi kankan lórí ọrun. Ìwọ̀n apá ìsàlẹ̀, z² + 1, kì í sì dín sí R² − 1. Gígùn ọrun jẹ́ πR. Nítorí náà, ohun tí ọrun lè mú wá kò lè ju πR/(R² − 1) lọ: nǹkan bíi 0.317 bí R bá jẹ́ 10, 0.0314 bó bá jẹ́ 100. Ó ń lọ sí òdo, o sì fi ojú rí i.

Ó wá ku rẹ́sídù. Níbi z = i, e^(iz) di e^(−1), nítorí náà rẹ́sídù jẹ́ e^(−1)/(2i). Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 2πi, o rí π/e, nǹkan bíi 1.156. Apá gidi rẹ̀ ni ti cos x. Apá kejì, ti sin x, jẹ́ òdo, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí apá ọ̀tún àti apá òsì sin x/(x² + 1) ń pa ara wọn rẹ́. Bí òdo yẹn kò bá jáde, kó o mọ̀ pé nǹkan kan ti bà jẹ́ lọ́nà.

Bóyá o fẹ́ mọ ibi tí ìyókù 4.85 rẹ wọlé sí. Ọrun ló gbé e. π cosh 1 − π/e jẹ́ π sinh 1 gẹ́lẹ́, nǹkan bíi 3.69, iye yẹn náà sì ni ìntígírà cos z/(z² + 1) lórí ọrun ń sún mọ́ bí R ti ń tóbi. Orísun rẹ̀ kò ṣòroó rí: cos z jẹ́ (e^(iz) + e^(−iz))/2. Ìdajì àkọ́kọ́ ń kú lókè, ìdajì kejì ń kú nísàlẹ̀. O ti àwọn méjèèjì gba òkè. Bó o bá fẹ́ lo cos z dandan, ya wọ́n sọ́tọ̀, kó o pa ọ̀nà e^(−iz) dé nísàlẹ̀, níbi tó jẹ́ pé z = −i ló wà nínú. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra: bó o bá gba ìsàlẹ̀, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ni wàá máa yí, nítorí náà −2πi lo máa lò. Èmi fúnra mi ti gbàgbé àmì yẹn rí nígbà tí mo wà nílé ìwé, mo sì rí iye tó wà nísàlẹ̀ òdo fún fọ́ńṣọ̀n tí kò fìgbà kan dín sí òdo. Bó o bá ṣe é dáadáa, ìdajì kọ̀ọ̀kan máa fún ọ ní π/(2e).

Ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ bí cos(ωx) bá wà níbẹ̀. Bí ω bá ju òdo lọ, òkè ni. Bó bá dín sí òdo, ìsàlẹ̀ ni. Ìdáhùn sì jẹ́ π e^(−|ω|).

Ibi tí ìṣirò ọrun tí mo ṣe lókè kò ti ní tó ni x sin x/(x² + 1). Níbẹ̀, πR·R/(R² − 1) ń lọ sí π, kò lọ sí òdo, ọ̀pọ̀ sì máa ń rò pé ọ̀nà ti dí. Kò dí. A kàn ti fi 1 rọ́pò e^(−y) ni, a sì ṣàṣejù, torí lórí ọ̀pọ̀ jù lọ ọrun náà e^(−y) kéré gan-an. Lẹ́mà Jọ́dáánù ló gbà á: ìntígírà e^(−R sin θ) láti 0 dé π kì í ju π/R lọ. Ìyẹn dá R kan padà, ọrun sì pòórá. Apá tí kì í ṣe gidi lo máa mú níbẹ̀, yóò sì tún fún ọ ní π/e.

Bó o bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà jẹ́rìí sí i, má kàn sọ cos x sí i lásán láti −∞ dé ∞, torí bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ láìdúró lè rú u lójú. Sọ fún un pé cos ni:

```python
from math import inf
from scipy.integrate import quad
f = lambda x: 1/(x*x + 1)
print(2*quad(f, 0, inf, weight='cos', wvar=1)[0])
```

Láti 0 ló ti bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. 1.1557 ló yẹ kó o rí.