Àkànlò èdè tó ń dáni lẹ́bi nínú ìròyìn

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá mi ti dá ìròyìn olè jíjà tí mo kọ padà. Ó ní èrò ọkàn mi ṣì wà níbẹ̀. Mo ti yọ 'burúkú' àti 'ìkà' kúrò. Kí ló tún kù?"

Àbúrò, ibi tó le jù ló kù. Àwọn tó máa ń wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ àpèjúwe nìkan ni wọ́n ń pariwo pé ká yọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nínú Yorùbá, àkànlò èdè ló ń dá ẹjọ́.

Ó ti jẹ mí níyà rí. Nílé iṣẹ́ rédíò kan n'Íléṣà, mo kọ ọ́ pé: "Ọwọ́ pálábá ògbólógbòó olè kan ségi, níbi tó ti lọ jí jẹnẹrétọ̀ ìyá arúgbó kan." Ọ̀gá yọ "ògbólógbòó", ó fọwọ́ sí i, mo kà á láago 7 àárọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ọlọ́pàá tú ọmọ náà sílẹ̀. Ọmọ tí ìyá arúgbó náà bí fúnra rẹ̀ ló gbé jẹnẹrétọ̀ lọ fún oníṣẹ́ tó ń tún un ṣe. Bàbá ọmọ tí wọ́n mú wá bá wa. Kò pariwo. Ó ní ká gbé ohùn náà sí i kí òun gbọ́. Bó ṣe kan "ọwọ́ pálábá", ó ní, "Ta ló rí i?" Ẹnu mi wọhò. Ọ̀gá tó fọwọ́ sí i wá yíjú sí mi: "Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́."

Ìbéèrè bàbá yẹn ni mo fi ń tún ìròyìn kọ títí dòní. Ọwọ́ pálábá ségi, àkàrà tú sépo, gbogbo wọn ló ń sọ pé ó ṣe é. Bí mo bá tún un kọ, bó ṣe máa rí rèé: "Àwọn ọlọ́pàá ti mú ọkùnrin ẹni ọdún 24 kan n'Íléṣà. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó jí jẹnẹrétọ̀ obìnrin ẹni ọdún 68 kan. Ọkùnrin náà ní òun kò jí i." Ọdún 68 ti ṣe iṣẹ́ "arúgbó", olùgbọ́ á fúnra rẹ̀ káàánú ìyá bó bá wù ú.

Ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe náà. "Ó jẹ́wọ́" kì í ṣe "ó sọ". Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá ló ní ó jẹ́wọ́, kọ ọ́ pé ọlọ́pàá ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ó ṣì ń sẹ́" náà ti pè é ní òpùrọ́. "Ó ní òun kọ́" ti tó. "Afurasí ọ̀daràn" ńkọ́? Etí olùgbọ́ kì í mú "afurasí", "ọ̀daràn" ló ń mú. Òfin ilẹ̀ wa, ìwé òfin 1999, abala 36(5), ní aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí yóò fi fi hàn pé ó jẹ̀bi.

Má sì da ìwé tí agbẹnusọ ọlọ́pàá fi ránṣẹ́ kọ bó ṣe wà o. Níbẹ̀ gan-an ni mo ti rí "ògbólógbòó" yẹn.