Ojú Ìwọ̀n 30 Nínú Hẹ́kítà 600

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ilẹ̀ hẹ́kítà 600 kan nítòsí J4 ní Ìjẹ̀bú-Ìlà-Oòrùn ni a fẹ́ wọn igi inú rẹ̀. Igbó àdáyébá gba 300, oko mẹ̀línà 200, oko kòkó àti ẹ̀gẹ́ 100. Owó wa kò ká ju ojú ìwọ̀n 30 lọ, ìyẹn àwọn ibi kéékèèké tí a ó ti wọn igi. Ṣé kí a pín in sí 15, 10 àti 5?

Ìdáhùn: Ìpín yẹn kò burú, ṣùgbọ́n fífẹ̀ ilẹ̀ nìkan ló wò, kò wo bí igi ṣe ń yàtọ̀ nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Mẹ̀línà tí a gbìn lọ́dún kan náà jọ ara wọn, débi pé bí ẹ bá ti wọn ojú méje, ìkẹjọ kò ní ohun tuntun púpọ̀ láti sọ. Igbó àdáyébá kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ lè bá ìrókò ràbàtà kan níhìn-ín, kí ó sì jẹ́ kìkì igi wẹ́wẹ́ ni ẹ ó bá níwájú díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọn ojú bíi márùn-ún nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi mọ bí iye wọn ṣe sábà máa ń jìnnà sí àárín tó. Ká ní ó jẹ́ mítà kúbíìkì 60 fún hẹ́kítà kan nínú igbó, 30 nínú mẹ̀línà, 20 nínú oko. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú hẹ́kítà ìsọ̀rí náà, yóò di 18,000, 6,000 àti 2,000. Bí ẹ bá fi èyí pín 30, igbó á gba 21, mẹ̀línà 7, oko 2. Èmi á mú ọ̀kan nínú ti igbó fún oko, nítorí ojú méjì kéré jù láti fi mọ ìyàtọ̀. Ó di 20, 7 àti 3.

Ẹ wá fa ìlà sórí máàpù ní mítà 100 sí 100, lórí ètò ìwọ̀n máàpù `WGS 84 / UTM zone 31N`. Igun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan jẹ́ hẹ́kítà kan. Èyí tí ààlà bá là kọjá, ibi tí àárín rẹ̀ bọ́ sí ni kí ẹ kà á mọ́. Ẹ fún àwọn ti igbó ní nọ́ńbà láti 1 dé 300, kí ẹ sì ṣẹ́ kèké nínú Excel:

```
=RANDBETWEEN(1,300)
```

Ẹ tètè kọ nọ́ńbà tó bá jáde sílẹ̀, nítorí ó máa ń yí padà nígbàkúùgbà tí ẹ bá tún fọwọ́ kan ìwé náà. Èyí tó bá jáde lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fò ó. Àárín igun mẹ́rin tí kèké bá mú ni ojú ìwọ̀n yóò wà, mítà 20 ní fífẹ̀, mítà 50 ní gígùn.

Inú igbó gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Mo ti bá ikọ̀ kan ṣiṣẹ́ tó ń sún ojú ìwọ̀n sẹ́bàá ọ̀nà nígbàkúùgbà tí wọ́n bá kan àbàtà; nígbà tí a fi nọ́ńbà GPS wọn sórí máàpù, gbogbo rẹ̀ ló tò tẹ̀lé ojú ọ̀nà, níbi tí àwọn agégi ti kọ́kọ́ ń gé. Bí àbàtà bá pọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìsọ̀rí tirẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́ kèké rárá.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ẹ má ṣe kó 30 náà pọ̀ kí ẹ pín in ní 30. Ká ní àárín iye igi fún hẹ́kítà kan jẹ́ mítà kúbíìkì 180 nínú igbó, 120 nínú mẹ̀línà, 30 nínú oko: bí ẹ bá fi hẹ́kítà ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan wọ̀n ọ́n, ẹ ó rí 135, bí ẹ bá kó wọn pọ̀ lásán, ẹ ó rí 151, nítorí igbó ló gba ojú púpọ̀ jù. Lórí hẹ́kítà 600, mítà kúbíìkì 9,600 igi tí kò sí níbì kankan ni yóò wà nínú ìwé yín.