Síífíì mi kò mú ìpè wá

Ìbéèrè: Mo ń fi síífíì ránṣẹ́ káàkiri Àbújá, wọn ò pè mí. Kí ni kí n tún yẹ̀ wò?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́. Bí ẹ bá kọ `03/04/2022`, ọmọ Nàìjíríà á kà á sí oṣù kẹrin, ará Amẹ́ríkà á kà á sí oṣù kẹta, àwọn méjèèjì sì lè jọ wà ní ọ́fíìsì kan ní Màìtámà. `Apr 2022 – Mar 2023` ló dáa, bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ọjọ́ àgùnbánirọ̀ yín bá ti sàtífíkéètì mu o. Ibẹ̀ ni ìfura ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ìṣe. Iṣẹ́ tí ẹ ṣì ń ṣe gba `Manage`. Èyí tí ẹ ti fi sílẹ̀ gba `Managed`. Ẹni tó gba iṣẹ́ tuntun sábà máa ń fi kún òkè, kó gbàgbé láti yí ti àtijọ́ padà. Ìyẹn ni `Trained` àti `Prepare` fi ń wà lábẹ́ iṣẹ́ tó ti parí ní 2023.

Ní ti àmì ìdánudúró, ẹ fi sí ìparí gbogbo ìlà tàbí kí ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í sábà fa ìlà pupa sábẹ́ `manger` tí ẹ bá fẹ́ kọ `manager`, torí ọ̀rọ̀ gidi ni méjèèjì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ẹ kà á láti ìsàlẹ̀ wá sókè.