Òróró tó ń hó kọjá etí agbada: ẹ wo iná kí ẹ tó dà á nù

*"Ẹ jọ̀ọ́, àkàrà, dùndún àti ẹja ni mò ń dín tà ní Ìsánlú. Òróró mi kì í pẹ́ dúdú, tó bá sì di ọ̀sán, á máa yọ ìfófòó. Wọ́n ní kí n máa dà á nù lójoojúmọ́, owó ò sì ká a. Báwo ni mo ṣe lè sẹ́ ẹ, kí sì ni kí n fi tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì?"*

Ọ̀kún o, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà ń dín nǹkan tà, ní Kábà, lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Lọ́kọ́ja ti máa ń dúró jẹun. Ọ̀rọ̀ "ẹ máa dà á nù lójoojúmọ́" yẹn ló mú kí n dáhùn. Ó ti jẹ mí lówó rí, kò sì wo ohun tó ń ṣe wá sàn.

Àsìkò ọdún ni, èrò pọ̀. Ọmọ tó ń bá wa dín dùndún náà ló ń dá oníbàárà lóhùn. Bó bá ti kó iṣu jáde, kò ní dín iná kù. Gáàsì á máa jó bó ṣe ń jó nígbà tí iṣu wà nínú agbada, òróró á dúró lásán, á máa gbóná sí i. Èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á sí. Nígbà tí òróró náà lọ sílẹ̀, ó bu tuntun lé e, ó sì da odidi abọ́ iṣu tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìfófòó dìde. Kì í ṣe irú èyí tó máa ń hó tó sì máa ń bẹ́. Wínníwínní ni, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ki bí ìfófòó ọṣẹ, ó sì ń gun ara agbada bọ̀ láìpadà. Ó kọjá etí, ó ṣàn kan iná, gbogbo ojú agbada sì gbiná.

Ẹnìkan sáré gbé báákẹ́ẹ̀tì omi. Mo pariwo mọ́ ọn títí ó fi gbé e sílẹ̀. Omi wúwo ju òróró lọ, ìsàlẹ̀ ni ó máa lọ. Bó bá ti kan ooru ibẹ̀, á di ọ̀rinrin gbígbóná lójú ẹsẹ̀, á wú ní ìlọ́po tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, á sì gbé òróró tó ń jó dà sókè bá àjà àti èèyàn. Mo pa gáàsì láti orí sílíńdà, mo mú ọmọrí irin ńlá, mo tì í láti ẹ̀gbẹ́ bo ojú agbada. Ẹ má gbé ọmọrí láti òkè sọ kalẹ̀, torí apá yín á kọjá lórí iná. A ò ṣí i títí gbogbo rẹ̀ fi tutù, nítorí bí ẹ bá ṣí i nígbà tó ṣì gbóná, atẹ́gùn á wọlé, á tún jó. Òróró ti ta sí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Omi tútù la ń dà sí i fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú kí a tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àwọn kan ń pariwo kí a fi ẹyin àti epo pa á, n kò gbà. Ẹ má ṣe é láé.

Lọ́jọ́ kejì ni wolé-wolé dé. Ó wo òróró, ó ní ó dúdú, ó ní a kì í yí i padà lójoojúmọ́ ló fà á. Kò béèrè bí iná ṣe ga tó, kò béèrè ohun tí a dà sínú òróró kó tó hó. Ìwé ló ń béèrè. Ẹnìkan tí wọ́n gbé wá dá àwa olóúnjẹ lẹ́kọ̀ọ́ tún wá sọ pé òróró tó bá ti dín nǹkan lẹ́ẹ̀mejì ti di májèlé. Ó dá mi lójú pé ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò dúró nídìí agbada rí láti àárọ̀ di alẹ́. A gbọ́ tiwọn. À ń da òróró nù lálẹ́, à ń ra tuntun láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, tuntun yẹn náà á yọ ìfófòó.

Tẹmómítà ló já ọ̀rọ̀ náà. Mo ra oníirin gígùn tí wọ́n fi ń wo ooru oúnjẹ, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ ahọ́n. Mo ní kí ọmọ náà ṣe bó ṣe máa ń ṣe, mo sì ń wò ó. Nígbà tí iṣu wà nínú agbada, 170 ló ń kà ní ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì (°C). Nígbà tó kó iṣu jáde tó ń kó owó lọ́wọ́ oníbàárà, iná kò dín kù, ó kọjá 220. Òróró tí a ń rà lọ́jà, tí púpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀pẹ tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín ní nǹkan bí 220 sí 230 nígbà tó ṣì tuntun. Bó ṣe ń gbó, ibi tó ti ń rú èéfín á máa sọ̀ kalẹ̀. Dídín gan-an kọ́ ló ń pa òróró jù. Gbígbóná lásán ni, nígbà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ tó máa mu ooru náà, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i lójú.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra òróró míì, ẹ ra tẹmómítà. Dùndún àti dòdò, 170 sí 175. Àkàrà, 175. Ẹja, 180. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 190 fún ohunkóhun. Bí oníbàárà kò bá sí, ẹ dín iná kù kó sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 120, tàbí kí ẹ pa á, kí ẹ dé agbada. Bí tẹmómítà kò bá tíì sí, ẹ kán àkàrà díẹ̀ sí i. Tó bá rì, tó sì léfòó kíá, tó ń hó yíká, ó tó. Tó bá jókòó sí ìsàlẹ̀ kó tó gòkè, kò tíì gbóná. Tó bá ti dúdú létí kó tó yí padà, iná ti pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ omi náà ń dùn mí lọ́kàn. Iṣu tí a rẹ sínú omi iyọ̀, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi aṣọ nù ún. Ẹja tí yìnyín ṣì wà nínú ikùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ agbada rárá. Ẹ jẹ́ kó yọ́ tán, kí ẹ ṣí ikùn rẹ̀ wò, kí ẹ nù ún. Ẹ má sì bu iyọ̀ sí oúnjẹ lórí agbada, torí iyọ̀ tó bá já sínú òróró ń mú kó tètè gbó. Kí ẹ máa dín díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá kún agbada, ooru á já wálẹ̀, oúnjẹ á mu epo, ẹ ó sì tún fi iná kún un.

Ẹ má wo àwọ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́. Ẹja àti ẹ̀rún àkàrà máa ń sọ òróró di dúdú nígbà tó ṣì wúlò, òróró mìíràn sì wà tó mọ́ lójú tó ti kú. Ẹ gbé e kaná dé 175 láìfi nǹkan kan sí i. Bó bá rú èéfín níbẹ̀, ó ti tán. Ẹ fi ègé iṣu gbígbẹ kan sí i. Ìhó tó dára tóbi, ó mọ́, ó ń bẹ́ kíá, ó sì ń dín kù bí omi inú iṣu ṣe ń tán. Èyí tó burú wínníwínní, ó ń gòkè, kò sì ní lọ lẹ́yìn tí ẹ bá kó iṣu kúrò. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ má bu tuntun lé e, torí gbígbó èyí tó wà níbẹ̀ á yára ba tuntun jẹ́. Ẹ fi ìka méjì pa òróró tó ti tutù: bó bá ń fà, tí etí agbada sì ní ohun tó lẹ̀ tí kì í ṣí, ó ti pẹ́ jù. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Yúróòpù, wọ́n ń wọn àwọn ohun tí òróró ń yí padà sí bó ṣe ń gbó. Bó bá ti dé 24 sí 27 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di dídànù.

Ọ̀kan tí wolé-wolé kò mọ̀ rárá: agbada náà lè jẹ́ ẹlẹ́bi. Ọṣẹ tí wọn kò ṣan tán lára agbada máa ń mú òróró tuntun yọ ìfófòó. Ẹ gbóná òróró tuntun díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ fi iṣu gbígbẹ dán an wò. Bí ó bá yọ ìfófòó nígbà yẹn, ẹ padà fọ agbada, kí ẹ ṣan án dáadáa, kí ẹ gbẹ ẹ.

Tiyín ní Ìsánlú, ẹ pín òróró sí méjì. Èyí tí ẹ fi dín dùndún àti àkàrà lè sọ̀ kalẹ̀ di ti ẹja bó bá ti rẹ̀ díẹ̀. Ti ẹja kò gbọ́dọ̀ padà di ti dùndún. Bí ẹ ṣe ń dín, ẹ máa fi asẹ́ kó ẹ̀rún kúrò, nítorí ẹ̀rún tó bá jókòó sí ìsàlẹ̀ ń jóná ni, á sì máa ba òróró jẹ́ títí.

Sísẹ́ rẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n: ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ gba asẹ́ irin, lẹ́yìn náà aṣọ funfun tó gbẹ, kí ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí ẹ bá ní láti dà nù, ẹ má dà á sí gọ́tà, ó ń dì níbẹ̀. Àwọn kan á wá rà á, wọ́n á ní ọṣẹ ni àwọn fẹ́ fi ṣe, àwọn mìíràn sì ń padà fi dín nǹkan tà. Ẹni tó ń se ọṣẹ tí ẹ mọ ilé rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fún.

Àtọ́jú, ẹ fi sínú kẹ́ẹ̀gì oúnjẹ tó mọ́ tó sì gbẹ, tàbí ìkòkò irin tí kì í dípẹtà, lẹ́yìn tó bá ti tutù. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú agbada di ọjọ́ kejì, ẹ má sì fi sínú ohun bàbà tàbí idẹ. Kí ó kún dé ọrùn, kí ìdérí rẹ̀ le, kí ó jìnnà sí fèrèsé àti iná. Ẹ kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé ti ẹja ni tàbí ti àkàrà. Lásìkò ọyẹ́, ẹ lè bá a tó ti dì funfun ní ìsàlẹ̀ láàárọ̀. Kò bàjẹ́, òróró ọ̀pẹ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí otútù bá mú un. Ẹ gbé e sí iná kékeré, á yọ́.