Báwo Ni Òróró Tí Àlùbọ́sà àti Ata Ń Mu Ṣe Pọ̀ Tó, Kí Sì Ni Ká Kà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ka kálórì tí mò ń jẹ, mo sì máa ń fi ṣíbí òróró méjì dín àlùbọ́sà àti tàtàṣé. Tí mo bá kó wọn kúrò, òróró díẹ̀ ṣì máa ń wà nínú páànù. Ṣé gbogbo òróró yẹn ni kí n kà ni, àbí èyí tí wọ́n mu nìkan? Báwo ni mo ṣe máa mọ iye tí wọ́n mu?

Ìdáhùn: Ẹ ka gbogbo òróró tó jáde látinú ìgò, kí ẹ wá yọ kìkì èyí tó kù sílẹ̀ tí ẹ fojú rí, tí ẹ sì wọ̀n. Mo mọ̀ pé ó máa dùn mọ́ yín kí n kàn sọ pé ìdá báyìí ni àlùbọ́sà ń mu, ṣùgbọ́n irú iye bẹ́ẹ̀ á ṣì yín lọ́nà. Tí ẹ bá da ṣíbí òróró kan sí àlùbọ́sà ńlá kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló máa bá àlùbọ́sà náà lọ. Tí ẹ bá da ṣíbí mẹ́rin sí i, èyí tó máa bá a lọ á pọ̀ sí i, síbẹ̀ púpọ̀ á ṣẹ́ kù nínú páànù. Àlùbọ́sà kan náà ni, iná kan náà ni, àmọ́ ìdá tó mu ti yàtọ̀ pátápátá.

Ohun tó fà á ni ọ̀nà tí òróró ń gbà wọlé. Omi ló pọ̀ jù nínú àwọn nǹkan méjèèjì yìí: nínú gíráàmù 100 àlùbọ́sà tútù, nǹkan bíi 89 jẹ́ omi, tàtàṣé sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bí wọ́n bá ti kan òróró gbígbóná, omi yẹn á di oru, á sì máa tú jáde. Òun ló ń pariwo ṣàà nínú páànù. Níwọ̀n ìgbà tí oru bá ṣì ń ti ara rẹ̀ síta, òróró kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé. Ara ló ń lẹ̀ mọ́, pàápàá ojú ibi tí ọ̀bẹ ti gé. Ìgbà tí ẹ bá gbé páànù kúrò lórí iná ni nǹkan yí padà. Oru tó kù nínú àwọn ihò tíntìntín inú àlùbọ́sà á tutù, á padà di omi, àyè tó gbà tẹ́lẹ̀ á ṣófo, àyè náà á sì fa òróró tó wà lára wọlé. Ẹ ò rí i pé púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní mímu yìí, ẹ̀yìn iná ló ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí òróró ṣẹ́ kù, kó kó oúnjẹ náà sínú asẹ́ nígbà tó ṣì ń gbóná janjan. Tó bá fi í sílẹ̀ nínú òróró títí tó fi tutù, ó ti fún un láyè láti mu ún dáadáa.

Àwọn kan máa ń rò pé tàtàṣé kì í mu òróró nítorí awọ rẹ̀ tó ń dán. Lóòótọ́, awọ yẹn kì í gba òróró, ṣe ló máa ń yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú tàtàṣé kò ní awọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni etí ibi tí a ti gé e. Bó bá ti rọ̀, ó máa ń ká kò bí ṣíbí kékeré, òróró á sì dúró sínú rẹ̀. Ti àlùbọ́sà sì ni pé ìpele-ìpele ló wà, òróró á sá pa mọ́ sáàárín wọn. Bí ẹ bá ṣe gé méjèèjì wẹ́wẹ́ tó ni ojú tí òróró lè lẹ̀ mọ́ ṣe ń pọ̀ tó.

Ibi tí mo ti rí i pé kálórì ń gba ẹ̀yìn wọlé jù ni ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́. Ẹ da òróró sílẹ̀, ẹ kó àlùbọ́sà sí i, ẹ rò ó pọ̀, ẹ wá bojú wo páànù: ó ti gbẹ! Ọwọ́ yín á sáré lọ síbi ìgò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọwọ́ dúró. Òróró náà kò lọ síbì kan, ó kàn tàn ká ara gbogbo àlùbọ́sà tó ṣì le, tó ṣì ga gègèrè ni. Tó bá fi máa tó ìṣẹ́jú mélòó kan sí i, àlùbọ́sà á rọ̀, á wó lulẹ̀, ẹ ó sì rí òróró kan náà tó ń dán ní ìsàlẹ̀ páànù. Tó bá ń fẹ́ jóná mọ́ ìdí páànù kí ó tó rọ̀, omi ṣíbí kan ni kí ẹ wọ́n sí i. Omi yẹn á gbẹ, kò ní kálórì kankan. Òróró ṣíbí ìjẹun kan ní tirẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 14, gíráàmù kọ̀ọ̀kan sì ní kálórì 9.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan tí mo wọ̀n hàn yín. Páànù mi nìkan wọ̀n gíráàmù 860. Mo gbé ìgò òróró sórí òṣùwọ̀n, mo tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo, mo da òróró sínú páànù, mo sì dá ìgò padà: òṣùwọ̀n fi 28 hàn pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú. Èyí dára ju kíka ṣíbí lọ, nítorí ṣíbí tó kún dẹ́nu kì í jọra lọ́wọ́ ẹni méjì. Àlùbọ́sà tútù tí mo ti bó jẹ́ gíráàmù 200, tàtàṣé pupa tí mo ti yọ kóró rẹ̀ jẹ́ 150. Mo dín wọn títí wọ́n fi rọ̀, tí etí àlùbọ́sà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mo fi ṣíbí onígi gbá gbogbo rẹ̀ sínú abọ́, ó jẹ́ gíráàmù 238. Nígbà tí mo tún gbé páànù wọ̀n, ó di 863.

Gíráàmù 3 péré ló kù sí páànù, nínú 28. Èyí tó wà nínú abọ́ jẹ́ 25, ìyẹn kálórì 225. Àlùbọ́sà tútù ní nǹkan bíi kálórì 40 nínú gíráàmù 100, tàtàṣé pupa ní nǹkan bíi 30. Tiwọn jẹ́ 80 àti 45. Àpapọ̀ rẹ̀ wá jẹ́ 350. Ká ní mi ò yọ nǹkan kan kúrò ni, tí mo ka gbogbo òróró 28 náà, kálórì 27 péré ni mo máa fi ṣì í. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó ń fi ṣíbí kan tàbí méjì dín nǹkan pé kó ka gbogbo rẹ̀, kó má da ara rẹ̀ láàmú.

Ẹ má gbìyànjú láti mọ̀ ọ́n nípa wíwọn àlùbọ́sà kí ẹ tó dín in àti lẹ́yìn tí ẹ dín in. Ẹ wo tèmi yẹn: àlùbọ́sà àti tàtàṣé tútù jẹ́ 350, àwọn kan náà pẹ̀lú òróró lára wá di 238. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan á ní wọn ò mu nǹkan kan rárá. Omi tó bá oru lọ ju òróró tó wọlé lọ fíìfíì, ó sì ti bo òróró náà mọ́lẹ̀. Ohun tó kù sí páànù ni kí ẹ máa wọ̀n. Ẹ fi pákó sábẹ́ páànù kí ìgbóná má ba òṣùwọ̀n jẹ́, kí ẹ sì rí i pé òṣùwọ̀n náà ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń fo ní márùn-ún-márùn-ún kò lè rí gíráàmù 3.

Tó bá jẹ́ pé òróró púpọ̀ lẹ fi dín in, tí ẹ sì sẹ́ èyí tó kù, ìgbà yẹn ló tọ́ kí ẹ yọ ọ́ kúrò, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún omi inú rẹ̀. Omi ara àlùbọ́sà àti tàtàṣé máa ń bá òróró tí a sẹ́ jáde. Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ ó yọ omi kúrò bíi pé òróró ni, kálórì tí ẹ kọ sílẹ̀ á sì kéré ju èyí tí ẹ jẹ lọ. Ẹ dà á sínú ife tó mọ́ gaara, kí ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀. Tí òróró náà kò bá mọ́ gaara, tó rí bí ìkùukùu, tàbí tí ẹ bá rí ìpele mìíràn nísàlẹ̀, omi ló wà níbẹ̀. Ẹ rọra da òróró orí rẹ̀ sínú abọ́ mìíràn, òun nìkan ni kí ẹ wọ̀n. Tí ẹ bá tún un gbé ka iná tó sì ń ta pàrà-pàrà, omi ṣì kù nínú rẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ pé inú páànù yẹn náà lẹ máa da ọbẹ̀ tàbí ẹyin sí, kò sí ìyọkúrò kankan. Gíráàmù 3 tó lẹ̀ mọ́ ìdí páànù á bọ́ sínú ohun tí ẹ bá dà sí i, ẹ ó sì jẹ ẹ́.

Tó bá di pé ẹ fẹ́ pín in, ìwọ̀n ohun tó wà nínú abọ́ ni kí ẹ fi pín. Ìdajì 238 jẹ́ 119, kálórì rẹ̀ sì jẹ́ 175. Ẹ má lọ kọ gíráàmù 119 sí abẹ́ àlùbọ́sà tútù nínú áàpù yín, torí pé àlùbọ́sà àti tàtàṣé tútù tó di 119 yẹn tó gíráàmù 175. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣọ́ra fún ibi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé àlùbọ́sà tí a ti dín: òróró ti wà nínú iye yẹn, tí ẹ bá tún fi ṣíbí òróró kún un, ẹ ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nínú àkọsílẹ̀ oúnjẹ ti ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀gbìn, àlùbọ́sà tí a dín ní nǹkan bíi gíráàmù ọ̀rá 11 nínú 100, tàtàṣé pupa tí a dín ní nǹkan bíi 13. Tèmi tí mo wọ̀n yẹn bọ́ sí 10.5. Mo máa ń lo iye inú àkọsílẹ̀ yẹn nígbà tí ẹlòmíràn bá dín oúnjẹ náà, tí n kò sì sí nítòsí nígbà tó ń da òróró sí i.