Ọmọ ń ṣàìsàn, ọ̀gá méjì ń retí yín: báwo lẹ ó ṣe tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan l'Ábẹ́òkúta, kíláàsì kẹrin ni wọ́n fún mi. Nírọ̀lẹ́, mo tún máa ń bá ilé-iṣẹ́ kan gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, màá sì tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ní Mọ́ńdè tó kọjá, ibà mú ọmọ mi. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí Wọ́sáàpù, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá méjèèjì: "Ẹ káàárọ̀. Ara ọmọ mi ò yá, mi ò ní lè wá sẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Màá pè yín tó bá yá. Ẹ ṣeun." Olórí ikọ̀ wa ní ilé-iṣẹ́ yẹn, tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ tí a sì mọwọ́ ara wa, bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta kó tó ní kò burú. Ẹ́dìmásítà wa, tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, kò fèsì rárá. Kúẹ́rì ni mo bá lórí tábìlì mi nígbà tí mo dé. Kí ló burú nínú ohun tí mo kọ, báwo ni ǹ bá sì ṣe kọ ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ara rẹ̀ á le.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti ẹ́dìmásítà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wúwo. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà kan ló sábà máa ń kọ́ kíláàsì kan láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Tí ẹ ò bá dé, kò sí tíṣà ìṣirò tí yóò wọlé lẹ́yìn tíṣà Gẹ̀ẹ́sì. Ńṣe ni yàrá yẹn máa wà lófo, tí àwọn ọmọ á máa fò lórí dẹ́sìkì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá já bọ́ tó fi apá ṣẹ́, ẹ́dìmásítà ni àwọn òbí máa wá bá, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí alábẹ̀wò bá sì ya wọlé láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìwé tí àwọn tíṣà ń fọwọ́ sí láàárọ̀ wà lára ohun tó máa béèrè. Ẹ mọ ìlà pupa tí ọ̀gá máa ń fà nínú ìwé yẹn bí àkókò bá ti tó. Ó fa ìlà náà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, orúkọ yín ò sí lókè rẹ̀, kò sí nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sì ní àlàyé gidi kan tó lè fi dáhùn bí wọ́n bá bi í.

Ẹ wá fi ojú rẹ̀ ka ohun tí ẹ kọ. "Mi ò ní lè wá" túmọ̀ sí pé ẹ ti fún ara yín láyè, ẹ kàn ń fi tó o létí ni. Òun ló sì ni àyè yẹn láti fún yín. "Tó bá yá" kò ní aago nínú, nítorí náà kò mọ̀ bóyá kó máa retí yín ní aago mẹ́wàá tàbí kó wá ẹlòmíì. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá, bẹ́ẹ̀ àwọn ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ohun kan tún wà tí ẹ lè má kíyè sí: bó bá jẹ́ pé olórí ikọ̀ lẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, tí ẹ wá ti ibẹ̀ taari rẹ̀ sí ẹ́dìmásítà, Wọ́sáàpù á ti kọ "Forwarded" sórí rẹ̀. Ọ̀gá tó le á rí i pé ọ̀rọ̀ tí ẹ ti kọ sí ẹlòmíì lẹ tún gbé fún òun. Bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ jọra, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́ lákọ̀tun.

Fún irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, ìpè ló máa ń ṣáájú ìkọ̀wé. Ẹ pè é ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kó tó jáde nílé. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí àwọn ọmọ ti tò sórí ìlà, fóònù rẹ̀ á ti wà nínú dúrọ́ọ̀. Bí kò bá gbé e, ẹ fi ìkọ̀wé ránṣẹ́, kí ẹ tún pè lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó di aago méje. Bí kò bá tún gbé e, ẹ pe igbákejì rẹ̀. Ẹ má fìláàṣì o! Mo ti rí ọ̀gá tó ka ìyẹn sí àfojúdi ju àìwá gan-an lọ. Bí mo bá jẹ́ yín, ohun tí màá kọ sí i nìyí:

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú ìmúra iṣẹ́. Èmi ni tíṣà kíláàsì kẹrin B. Ara ọmọ mi gbóná láti alẹ́ àná, ọsibítù ni mò ń gbé e lọ láàárọ̀ yìí. Mo ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ tọrọ àyè òní lọ́wọ́ yín. Mo ti bá tíṣà kíláàsì kẹrin A sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn lè máa bá mi mójú tó àwọn ọmọ bí ẹ bá fọwọ́ sí i. Nóòtù ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí wà lórí tábìlì mi, ìṣirò ìdá ló kàn. Màá pè yín kí aago méjìlá tó lù láti sọ ohun tí dókítà wí. Bí mo bá dé, màá mú lẹ́tà àti káàdì ọsibítù wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó dé lójijì, sà."

Ẹ wo gbólóhùn "bí ẹ bá fọwọ́ sí i" dáadáa. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ó ti di pé ẹ̀yin lẹ pín iṣẹ́ fún tíṣà ẹlẹ́gbẹ́ yín, inú ọ̀gá tó le kò sì ní dùn sí i pé ẹ ń bá òun ṣe ilé-ìwé. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ ti wá ojútùú, ẹ sì fi àṣẹ sílẹ̀ fún un. Mi ò kọ pé ọmọ ń bì tàbí pé ẹ ò sùn mọ́jú. Àlàyé ìgbẹ́ àti èébì kì í mú kí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ gbà yín gbọ́ sí i, ó máa ń jẹ́ kó fura ni. Ẹ má sì ṣèlérí pé ẹ ó dé ní aago mẹ́wàá. Àyẹ̀wò ibà tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe lè má ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n ẹ ó kọ́kọ́ gba káàdì, ẹ ó tò, ẹ ó rí dókítà, ẹ ó tún tò níbi òògùn. Ìpè tí ẹ ó pè kí aago méjìlá tó lù, ọwọ́ yín ló wà.

Olórí ikọ̀ yín kò ní ọmọ kankan tó ń fò lórí dẹ́sìkì. Ohun tí ń bà á lẹ́rù ni fáìlì tó yẹ kó wọlé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àti ẹni tó jókòó tó ń retí rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo lè méfò ìbéèrè mẹ́ta tó bi yín: fáìlì wo ló wà lọ́wọ́ ẹ? Ibo lo bá a dé? Ìgbà wo lo máa parí rẹ̀? Bí ìdáhùn wọn bá ti wà nínú ohun tí ẹ kọ́kọ́ kọ, gbólóhùn kan ni ì bá fi dá yín lóhùn. Bí àpẹẹrẹ:

"Ọ̀gá mi, báwo ni o. Ara ọmọ mi ti ń gbóná láti alẹ́ àná, ọsibítù la forí lé báyìí. Fáìlì méjì ló wà lọ́wọ́ mi fún aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní. Mo ti parí ọ̀kan, ó ti wà nínú fódà wa. Èkejì ṣì ku bí ogún ìṣẹ́jú ohùn tí mi ò tíì tẹ̀. Ṣé kí n parí ẹ̀ di ọ̀la aago mẹ́jọ alẹ́, àbí wàá fún ẹlòmíì? Èyí tó o bá mú, kò sí wàhálà. Mi ò ní fi bẹ́ẹ̀ sí lórí fóònù láàárọ̀ yìí, màá yọjú lọ́sàn-án."

Ẹ ò rí "tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀" níbẹ̀, kò sì sí lẹ́tà. Bí ẹ bá fi ti ẹ́dìmásítà ránṣẹ́ sí i, àyà rẹ̀ á já. Á rò pé nǹkan tó ju ibà lọ ló ṣẹlẹ̀, tàbí pé ẹ ń bínú sí òun. "O" ni mo lò torí ẹ ní ẹ jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ni. Ká ní ó jù yín lọ, bó ti wù kó máa bá yín ṣeré tó, "ẹ" ló máa wà níbẹ̀, ìyókù ọ̀rọ̀ náà kò sì ní yí padà. Àìsàn ọmọ náà, òun nìkan ni kí ẹ sọ ọ́ fún. Nínú gúrúùpù gbogbo ikọ̀, "mi ò ní sí láàárọ̀ yìí, ọ̀gá ti mọ̀" ti tó.

Ibi tí ọ̀gá tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ti máa ń tan èèyàn ni "o ṣáà mọ̀ mí, màá ṣe é." Ẹ̀rín ni yóò fi gbà á, ṣùgbọ́n òun náà ní ọ̀gá tó máa bi í léèrè ní aago mẹ́fà, kò sì ní rí ohun tó máa sọ. Lójú tèmi, irú èyí ló ń ba iṣẹ́ òun ọ̀rẹ́ jẹ́ jù, torí kò ní fún yín ní kúẹ́rì tí ẹ ó fi mọ̀ pé ẹ ti ṣẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ kàn máa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì ni.

Ẹ kíyè sí i pé alẹ́ àná ni ara ọmọ ti ń gbóná nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ọsibítù kan náà lẹ sì ń lọ. Àwọn kan máa ń bu iyọ̀ sí i fún ọ̀gá tó le, wọ́n á ní wọ́n dá ọmọ dúró sí ọsibítù. Káàdì tí ẹ ó mú wá máa ní ọjọ́ lórí, á sì hàn pé òògùn lẹ gbà tí ẹ lọ sílé.

Ní ti kúẹ́rì tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ wo gbèdéke tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì fèsì kó tó kọjá. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi dáhùn, torí inú fáìlì yín ní ọ́fíìsì ló ń lọ. Kó má ju ojú ìwé kan lọ: ìgbà tí ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, aago tí ẹ fi ìkọ̀wé ránṣẹ́, aago tí ẹ dé ọsibítù. Ẹ gbà pé ẹ ò dúró gba àyè, ẹ tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan, ẹ má dárúkọ tíṣà mìíràn tó ti ṣe irú ẹ̀ rí tí wọn ò fún ní kúẹ́rì. Ẹ má sì rán alàgbà ìjọ tàbí mọ̀lẹ́bí kankan lọ bẹ̀ ẹ́ kí èsì yín tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ojú ẹni tó ń sá fún ìwé ni á fi wò yín. Ẹ so ẹ̀dà káàdì ọsibítù mọ́ ọn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní méjì, kí ẹni tó bá gbà á ní ọ́fíìsì sì fọwọ́ sí tiyín pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.