Níbo ni ká ti gé e? Ìdánwò kékeré lórí sílébù Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ọmọ Kétu ni mí, mo wà ní ọdún kìíní lẹ́ka Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì. Wọ́n ní ká gé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí sílébù, ká sì dárúkọ ọ́nsẹ́tì, níkílọ́sì àti kódà. Mo gé "make" sí "ma-ke", mo gé "singer" sí "sin-ger", wọ́n fagi lé méjèèjì. Níbo ni mo ti ṣì í? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́rọ̀ díẹ̀ tí màá fi dán ara mi wò, kí ẹ sì fi ìdáhùn sí i.

Ìdáhùn: Lẹ́tà lẹ gé, ìró ni wọ́n ní kí ẹ gé. Àṣà tí a bá bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ Faransé ni. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa láti pín "ta-ble" àti "lu-ne" nínú ìwé, "e" tó kẹ́yìn máa ń wọ inú sílébù tirẹ̀. Bí ẹ bá gbé e dé inú Gẹ̀ẹ́sì, "make" á di méjì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹnu ń yà tí wọ́n bá ń pè é: /meɪk/. "e" ìparí yẹn kò ní ìró kankan.

Orúkọ mẹ́ta tí wọ́n dà lé yín lórí kò ṣàjèjì sí ẹni tó ti ka gírámà Yorùbá. Níkílọ́sì ni odo sílébù, ìró tí etí ń gbọ́ ketekete jù lọ, fáwẹ́lì ló sì sábà máa ń jẹ́. Kọ́ńsónáǹtì tó bá ṣáájú odo ni ọ́nsẹ́tì, ìyẹn apààlà iwájú. Èyí tó bá tẹ̀ lé odo ni kódà, apààlà ẹ̀yìn. Ibi tí ó ti ń dojú rú fún wa ni pé Yorùbá kò ní apààlà ẹ̀yìn rárá, ti iwájú náà kì í sì í ju kọ́ńsónáǹtì kan lọ. ("gb" inú "gbá" jẹ́ lẹ́tà méjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìró kan ni.) Gẹ̀ẹ́sì ń to kọ́ńsónáǹtì jọ síwájú àti sẹ́yìn odo. Ẹ wo "bread", sílébù kan péré, /bred/. Nígbà tó dé ẹnu àwọn ará wa ní ìhà Nàìjíríà, ó gba fáwẹ́lì méjì kún, ó di bú-rẹ́-dì. Bí ẹ bá ń fi irú fáwẹ́lì bẹ́ẹ̀ kún ọ̀rọ̀ lẹ́nu, iye sílébù tí ẹ máa kọ sílẹ̀ á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ kọ́kọ́ kọ ìró ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ìwé atúmọ̀ ṣe kọ ọ́ láàárín àmì / /. Ẹ fa ìlà sábẹ́ odo kọ̀ọ̀kan, iye odo ni iye sílébù. Fáwẹ́lì onílọ̀ọ́po bí /eɪ/ tàbí /aɪ/, odo kan ni wọ́n kà á sí. Kọ́ńsónáǹtì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kò ní ìjà, ọ́nsẹ́tì ni. Èyí tó parí ọ̀rọ̀ kódà ni. Àwọn tó há sí àárín odo méjì ló ń dá wàhálà sílẹ̀, òfin kan la sì fi ń yanjú rẹ̀: ẹ kó wọn fún sílébù apá ọ̀tún, ó lè jẹ́ gbogbo wọn, bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan bá wà tó fi irú ìtòjọ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ já èyí tó wà ní òsì pátápátá kúrò, kí ẹ tún dán an wò. Ohun tí ẹ já kúrò di kódà sílébù apá òsì.

Ẹ jẹ́ ká fi "extra" ṣe é. Ìró rẹ̀ ni /ekstrə/. Odo méjì ló wà níbẹ̀, /e/ àti /ə/, nítorí náà sílébù méjì ni. Àárín wọn ni /k/, /s/, /t/, /r/ wà. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú /kstr/? Kò sí. Ẹ já /k/ kúrò, ó ku /str/. "Street" àti "strong" ń bẹ, /str/ wọlé. Ó di /ˈek.strə/. Sílébù àkọ́kọ́ kò ní ọ́nsẹ́tì, odo rẹ̀ ni /e/, kódà rẹ̀ ni /k/. Èkejì ní /str/ lọ́nsẹ́tì, odo rẹ̀ ni /ə/, kò ní kódà. Ẹ ṣàkíyèsí pé àárín lẹ́tà "x" gan-an ni ọ̀bẹ gbà kọjá, torí ìró méjì, /k/ àti /s/, ló fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń wo lẹ́tà kò lè rí i láé.

Ó yá, ẹ fi ìwé bo ìsàlẹ̀, kí ẹ gé àwọn wọ̀nyí, kí ẹ sì dárúkọ ẹ̀yà sílébù kọ̀ọ̀kan: "window", "apply", "athlete", "music", "table", "strengths", "singer", "finger", "happy".

"Window" ni /ˈwɪn.dəʊ/. Sílébù kìíní: /w/, /ɪ/, /n/. Èkejì: /d/, /əʊ/, kò sí kódà. /nd/ kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdí nìyẹn tí /n/ fi dúró lápá òsì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Àjàṣẹ́ àti Kétu ló máa ń kọ pé sílébù kìíní kò ní kódà, mo sì mọ ibi tó ti wá. Nínú "irin" Yorùbá, àti nínú "vin" Faransé, lẹ́tà "n" kì í ṣe kọ́ńsónáǹtì, àmì pé fáwẹ́lì gba imú jáde lásán ni. Ti Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀: kọ́ńsónáǹtì gidi ni. Ẹ pe "win", kí ẹ dúró lórí ìparí rẹ̀. Bí ṣóńṣó ahọ́n yín bá kan òkè ẹnu lẹ́yìn eyín iwájú, ẹ ti pe kódà. Bí ahọ́n bá lẹ̀ sílẹ̀ láìkan ibì kankan, fáwẹ́lì àránmúpè ilé wa lẹ pè, kódà náà á sì fò yín nínú ìwé.

"Apply" kò le: /ə.ˈplaɪ/. Lẹ́tà "p" méjì, ìró kan. /pl/ bẹ̀rẹ̀ "play", nítorí náà méjèèjì lọ sí ọ̀tún. "Athlete" dà bíi rẹ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú /θl/, torí náà /θ/ padà sẹ́yìn: /ˈæθ.liːt/. Kìíní ní odo /æ/ àti kódà /θ/, kò ní ọ́nsẹ́tì. Èkejì ní /l/, /iː/, /t/. Bí ẹ bá rí sílébù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ ti ki fáwẹ́lì bọ àárín /θ/ àti /l/, tàbí ẹ fi kún ìparí.

"Music" ní ìró kan tí ojú kò rí: /ˈmjuː.zɪk/. Ọ́nsẹ́tì sílébù kìíní jẹ́ /mj/, kì í ṣe /m/ nìkan. /j/ yìí ni "y" inú "yà" wa. Èkejì ní /z/, /ɪ/, /k/.

"Table" ni /ˈteɪ.bl̩/. Kìíní: /t/, /eɪ/, kò sí kódà. Èkejì: ọ́nsẹ́tì /b/, odo /l̩/. Bẹ́ẹ̀ ni, kọ́ńsónáǹtì ló jẹ́ odo. Kò yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu, nítorí a ní aránmúpè aṣesílébù, bí "ń" inú "ó ń lọ", tó dá dúró tó sì ń gba ohùn. Àmì kékeré tó wà lábẹ́ /l̩/ ló ń sọ pé odo ni. Ìwé atúmọ̀ mìíràn á kọ ọ́ ní /ˈteɪ.bəl/: níbẹ̀, /ə/ ni odo, /l/ sì di kódà. Iye sílébù kò yí padà, méjì ni lọ́nà méjèèjì.

"Strengths", lẹ́tà mẹ́sàn-án, sílébù kan: /streŋkθs/. Ọ́nsẹ́tì /str/, odo /e/, kódà /ŋkθs/. Mẹ́ta níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, Gẹ̀ẹ́sì kì í gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn kì í pe /k/, kódà á wá ku mẹ́ta. Ẹ má ṣe ka "th" sí méjì.

Ó wá kan "singer" tó bá yín jà. Ìró rẹ̀ ni /sɪŋə/. /ŋ/ ni ìró "ń" tí ẹ máa ń gbọ́ nínú "ńkọ́". Kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ló wà láàárín odo méjì, òfin ìbá sì ní ká fún ọ̀tún, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí /ŋ/ bẹ̀rẹ̀. Ó di dandan kó dúró lósì: /ˈsɪŋ.ə/. Sílébù kejì kò ní ọ́nsẹ́tì, kò ní kódà, odo nìkan ni. (Ìpè àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù la ń lò, wọn kì í pe "r" ìparí yẹn.) Nínú "finger", ẹ ó gbọ́ /g/ lẹ́yìn /ŋ/, òun ló sì bẹ̀rẹ̀ sílébù kejì: /ˈfɪŋ.gə/. Ìdí ni pé "sing" ni wọ́n fi "er" kún tó fi di "singer", "sing" fúnra rẹ̀ kò sì ní /g/ nínú ìpè. Kò sí ọ̀rọ̀ ìṣe "fing" tí a lè fi "er" kún. Ẹ ṣọ́ra fún "longer", "stronger" àti "younger", wọ́n gba "er" lóòótọ́, síbẹ̀ wọ́n ń pe /g/. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́bàá Ìdìrókò lẹ ti gbọ́ "singer", ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú /g/, ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò burú lọ́jà, àmọ́ kì í ṣe ohun tí ìdánwò yín ń béèrè.

"Happy" ni mo fi sẹ́yìn nítorí àwọn onímọ̀ fúnra wọn kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Òfin tí a ń lò fún wa ní /ˈhæ.pi/. Àwọn kan kọ̀, wọ́n ní fáwẹ́lì kúkúrú bí /æ/ kì í parí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí náà kò yẹ kó parí sílébù tí agbára ìpè wà lórí rẹ̀, ìyẹn èyí tí àmì ˈ ṣáájú, kí a gé e ní /ˈhæp.i/. Bẹ́ẹ̀ ni John Wells ṣe nínú ìwé atúmọ̀ ìpè tó jáde ní 1990: apá tí agbára ìpè bá wà ló ń fa kọ́ńsónáǹtì mọ́ra, ó sì gé "extra" ní /ˈeks.trə/. Àwọn mìíràn ní sílébù méjèèjì ló jọ ni /p/ náà. Kò sẹ́ni tó gba /ˈhæp.pi/, torí /p/ kan péré lẹnu ń pè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ yín èwo ló ń lò, kí ẹ kọ orúkọ òfin náà sókè ìwé ìdáhùn, kí ẹ má sì fi ọ̀kan gé "happy" kí ẹ tún fi èkejì gé "extra" nínú ìwé kan náà.